Ta ló fún oníṣọ́ọ̀bù ní nọ́ńbà káàdì mi tuntun?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, Ìlọrin ni mo wà. Káàdì mi àtijọ́ ti kọjá ọjọ́, báńkì fún mi ní tuntun, nọ́ńbà rẹ̀ sì yàtọ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́ síbì kankan rí. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń sanwó oṣooṣù fún yọ 4,500 náírà lára rẹ̀! Àyà mi já.

Òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Òpópónà Táíwò ní kì í ṣe olè: báńkì máa ń fi nọ́ńbà tuntun tó ilé-iṣẹ́ tó ni àmì ara káàdì létí, àwọn yẹn á sì fi ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù tó ti ní ti àtijọ́ nípamọ́. Ṣé báńkì lè yọ mí kúrò nínú ètò yìí? Àbí ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ni kí n ti fagi lé e? Tí mo bá tún pààrọ̀ káàdì, ṣé nọ́ńbà yẹn náà kò ní tọ̀ wọ́n lọ?