Kí ló dé tí ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ fi ń jí láàárín oorun ìgbà òtútù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹranko, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mò ń kà nípa ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ ti Àlásíkà, èyí tó máa ń sùn sínú ihò fún nǹkan bí oṣù 7 láìjẹun.

Bó ṣe ń wọnú oorun náà yé mi. Ara á kọ́kọ́ dín iná tó ń dá kù, ọkàn á dẹwọ́ láti nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan dé bíi 5, lẹ́yìn náà ni ara á wá máa tutù. Ìgbóná ara lè já láti dígírì 37 dé nǹkan bíi 3 nísàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í dì! (Ta ló lè ṣàlàyé ìyẹn náà?)

Ibi tó rú mi lójú gan-an nìyí: ní gbogbo bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, á tún gbóná padà bíi tẹ́lẹ̀, fún àkókò tí kò tó ọjọ́ kan. Ọ̀rá búráùn, irú ọ̀rá tó ń pèsè ooru fún ara, ló kọ́kọ́ ń jó, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jíjí yìí ń jẹ púpọ̀ nínú ọ̀rá tó kó pamọ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹun nígbà tó jí. Oorun lásán, bí oorun ojoojúmọ́, ló tún ń sùn.

Ṣé ọpọlọ ló nílò oorun gidi ni, àbí ara fẹ́ gbógun ti kòkòrò àrùn? Èwo ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù?