Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní Lárúbáwá, wọ́n ní mo ń ṣagbe

Ọmọ Ìtòkú (Káírò, ṣùgbọ́n ilé ni mo wà báyìí)
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ilé ẹ̀kọ́ èdè aládàáni kan ní Madínátù Násírì ń wá olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀la lọ́sàn-án gangan ni wọ́n máa pa á dé. Ìsinmi ni mo wá lò ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìnkùlé màmá mi ní Ìtòkú ni mo jókòó sí, láàárín àwọn agbada aró, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, fóònù mi sì ti ń kú lọ. Mo kọ lẹ́tà náà tán, mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Íjíbítì, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ta lo ń bá ṣagbe?" Ó bá lọ sùn, kò gbé ìpè mi mọ́. Àkọlé ímeèlì mi rèé:

```
طلب مساعدة مدرسة
```

Kí ni mo ṣe? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kí n sọ fún wọn pé Lárúbáwá kì í ṣe èdè abínibí mi, àbí kí n panu mọ́?

Ìyá Ìbejì (Jídà)
Ọmọ mi, má ṣe é. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn olówó wọ̀nyí, ojú mi rí i ní 2009. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìrìnnà rẹ o!

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ ṣé mà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ ní kíláàsì, kì í ṣe ilé ìdáná.

Ìyá Ìbejì (Jídà)
Áà. Ṣebí "olùrànlọ́wọ́" lo kọ. Ó dáa, mo ń gbọ́.

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́. Kò sí àmì fáwẹ́lì, fátáà tàbí kásírà, lórí ohun tí o kọ, ẹni tó bá rí i á kàn fi ojú ara rẹ̀ kà á ni. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ìwọ kà á sí musáídà, obìnrin tó ń ranni lọ́wọ́. Òun kà á sí musáadà, ìrànwọ́. Ọ̀rọ̀ kẹta, ìwọ ní mudarísà, olùkọ́ obìnrin. Òun rí madrasà, ilé ẹ̀kọ́. "Tálábù" sì ló ṣáájú wọn, ìyẹn ìbéèrè. Ohun tó wọlé sí mudíìrì, ọ̀gá ibẹ̀, lójú ni pé ẹnì kan ń bèèrè ìrànwọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Á rò pé o fẹ́ kọ́ mọ́dírásà sí Abẹ́òkúta ni, o wá ń gba owó kiri. Irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pa á rẹ́.

Ìkéde wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n pe iṣẹ́ náà gan-an?

Ọmọ Ìtòkú
"Musáídù mualímù" ni wọ́n kọ. Èmi ni mo yí i sí mudarísà, mo rò pé ó jọjú jù.

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Ìwọ lo ṣe ara rẹ. Orúkọ tí wọ́n bá pe iṣẹ́ wọn ni kí o pè é. Mualímù kò jọ ilé ẹ̀kọ́ rárá, ìdajì wàhálà ti lọ nìyẹn. Ìdajì tó kù, fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣáájú "musáídà", kò ní sẹ́ni tó máa rántí ìrànwọ́ mọ́:

```
طلب التقدم لوظيفة مساعدة معلم
```

Bí ọkàn rẹ kò bá tíì balẹ̀, fi kásírà kan ṣoṣo sábẹ́ lẹ́tà áyìn. Ẹyọ kan o. Má fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà bíi wàláà ọmọ kéú, wọ́n á ní ọmọdé ló kọ ọ́.

Ọmọ Láfẹ́ńwá (Dóhà)
Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Kó kàn yí ọ̀rọ̀ padà: mudarísà musáídà. Olùkọ́ ló ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa kà á sí báárà. Bí mo ṣe kọ tèmi nìyẹn, wọ́n sì pè mí.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ (Káírò, ọdún kọkànlá)
Láfẹ́ńwá, jọ̀ọ́, fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ohun tí o sọ yẹn gan-an ló bà mí lójú jẹ́. Ní Íjíbítì ńbí, ipò ní yunifásítì ni "mudarísù musáídù". Muídù ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́, bí wọ́n bá gba oyè máàjísítà, wọ́n á di mudarísù musáídù, ìgbà tí wọ́n bá wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń jẹ́ mudarísù lásán. Èmi kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n pè mí, mo yá kóòtù lọ́wọ́ ará Kẹ́ńtà kan tí a jọ ń gbé, mo wọ takisí, èmi tí mo máa ń tò fún bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mudíìrì sọ ni pé, "Ìwé máàjísítà rẹ dà?" Líísáǹsì, oyè àkọ́kọ́, nìkan ni mo ní. Ó fi ìka kan ti fáìlì mi padà lórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan kóòtù mi. Kò bú mi o. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi.

Ọmọ Láfẹ́ńwá (Dóhà)
Ní Dóhà wọn kì í wo ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ṣé Dóhà ni iṣẹ́ wà?

Ọmọ Láfẹ́ńwá (Dóhà)
Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìkéde àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni Káírò tí àwọn fúnra wọn kọ "mudarísù musáídù" sí, tó jẹ́ pé ẹni tó máa máa pe orúkọ ọmọ, tó máa máa yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò ni wọ́n ń wá. Ṣé àwọn náà ò gbọ́ èdè wọn ni?

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, má fi ọwọ́ ara rẹ gbé oyè lé orí ara rẹ. "Mualímù musáídù" náà ní ibi tó ń gbé láàárín àwọn olùkọ́ ìjọba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà má ṣe yí ọ̀rọ̀ po.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Lẹ́tà gan-an ńkọ́? Gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá ká rí i.

Ọmọ Ìtòkú
Bìsìmílà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yin Ọlọ́run, mo ṣe àsàlátù fún Ànábì, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé. Ìlà méje péré ni kí n tó kan iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ìlà méje! Wọlímọ̀ ni àbí iṣẹ́ lo ń wá?

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àmọ́ lẹ́tà iṣẹ́ kì í gbà ju ìlà méjì lọ kó tó kan ọ̀rọ̀:

```
السيد مدير المركز المحترم
تحية طيبة وبعد،
```

Lẹ́yìn "wàbáàdù" yẹn, wọ inú ọ̀rọ̀ ní tààrà.

Bàbá Gàmbàrí (Mẹ̀dínà)
Èmi kò fara mọ́ ọn. Sálámà kí ló ṣe? Mùsùlùmí kọ̀wé ní èdè Àlùkùránì, kó wá máa kí èèyàn ní "tàhíyà"? Sálámà pípé ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Baba, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni. Ẹni tó ni ín lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n pọ̀ ńbí. "Tàhíyà" bá gbogbo wọn mu.

Bàbá Gàmbàrí (Mẹ̀dínà)
Kìrìsìtẹ́nì Íjíbítì náà mọ sálámà. Kò ní pa á.

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sábẹ́ ìkéde. Màá lo tàhíyà. Baba Gàmbàrí, ẹ má bínú sà. Ọ̀rọ̀ èdè abínibí wá ńkọ́?

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn? Àjèjì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Má tọrọ àforíjì pé o kì í ṣe Lárúbáwá. Má sì purọ́, orúkọ rẹ á tú ọ fó. Sọ ohun tí o ti ṣe. Ṣé o ti kọ́ ẹnikẹ́ni rí?

Ọmọ Ìtòkú
Mo kọ́ àwọn mẹ́jọ kan láti Màléṣíà ní ọ̀rọ̀ sísọ, oṣù méjì, nílé tí mò ń gbé. Wọn kì í lè pe áyìn, èmi náà kò lè pè é rí. Ọwọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sí ọ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ìyẹn gan-an ni lẹ́tà rẹ! Kọ ọ́ báyìí:

```
درّستُ المحادثة لثمانية طلاب مبتدئين
```

Ọmọ Ìtòkú
Obìnrin ni gbogbo wọn o, ẹ̀gbọ́n.

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
O ṣeun tí o sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mudíìrì á ti mú ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ obìnrin, òǹkà mẹ́jọ á bọ́ támárbútà, àmì obìnrin tó wà ní ìparí rẹ̀, sílẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ni ọkùnrin. Ilé ẹ̀kọ́ èdè ni, ojú wọn á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó ka ohun tí o sọ:

```
درّستُ المحادثة لثماني طالبات مبتدئات
من غير الناطقات بالعربية مدة شهرين
```

Fi ọ̀rọ̀ áyìn àti ọ̀fun yẹn tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kan, kó o sì kí wọn pé ó dìgbóṣe. Ojú ewé kan kò gbọ́dọ̀ kún.

Ọmọ Láfẹ́ńwá (Dóhà)
Kí o tó fi ránṣẹ́, sọ ọ́ di pídíẹ́fù, kó o ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà kan, gbogbo lẹ́tà ti já kúrò lára ara wọn, bíi ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ní aago Ìtòkú, ó ṣì kù wákàtí mẹ́tàlá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ẹ má tan ọmọ jẹ. Àsìkò ooru la wà, Káírò fi wákàtí méjì ṣáájú yín. Ọ̀sán gangan ńbí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ní Ìtòkú.

Bàbá Gàmbàrí (Mẹ̀dínà)
Ká ní Ìlọrin ni wọ́n ti kọ́ ọ ní kéú, kò ní sí gbogbo èyí. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, aró dídì lẹ mọ̀.

Àáfáà Kọ́bìtì (Ámáànì)
Baba! Níbo ni Markasi, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952? Abẹ́òkúta kọ́ ni?

Bàbá Gàmbàrí (Mẹ̀dínà)
Ta ló dá a sílẹ̀? Ṣéù Adam, al-Ilori! Ẹ sì ń wò ó títí ó fi kó lọ sí Agége ní 1955. Ẹ ò lè mú un dúró.

Ìyá Ìbejì (Jídà)
Ó ti kàn yín lójú o, ẹ̀yin Ẹ̀gbá 😂

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ẹni tí kò bá mọ làfún kò lè bá mi sọ̀rọ̀ Markasi. Ìtòkú, ṣé òórùn aró yẹn ṣì máa ń dé ojú títì láàárọ̀? Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wálé kẹ́yìn.

Ọmọ Ìtòkú
Ó ń dé imú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Màmá ń na aṣọ sórí okùn, omi aró ń kán sí bàtà mi. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti tún un kọ, mo fẹ́ ya lọ gba iná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ohun kan ló kù: wọ́n ní kí n kọ iye owó oṣù tí mo ń fẹ́. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àbí kí n fo ó?

Ẹ̀gbọ́n Àdìgbẹ
Ìgbà wo lo ń padà bọ̀? Ṣé màmá lè bá mi wá làfún tó gbẹ dáadáa, kílò méjì péré?

Ìyá Ìbejì (Jídà)
Ẹni tó ń bọ̀ ní Káírò lè fi tèmi rán èèyàn sí Jídà. Kílò mẹ́ta.

Bàbá Gàmbàrí (Mẹ̀dínà)
Ẹ fi díẹ̀ ṣe tèmi náà.