Ìósínófìlì Màámi ga: ṣé àlẹ́jì ni àbí aràn?

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Mánṣẹ́sítà: Ẹ kú ilé o. Màámi wá kí wa láti ilé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, `Eosinophils 1.8`, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Ikọ́ fée ń yọ wọ́n lẹ́nu, ara sì ń yún wọn. Dókítà fẹ́ kọ sítẹ́rọ́ìdì oníhóró fún wọn. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì, Hiúsítìnì: Àlẹ́jì ni. Ẹ ra sẹ́tírísìnì fún wọn, yóò rọlẹ̀.

Àǹtí Láàbù, Lọ́ńdọ́nù: Bàbá Ìbejì, àlẹ́jì máa ń gbé e sókè lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà kọjá 1.5. Ẹni tó bá ti ilé wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá aràn. Àbúrò, báwo ni yíyún yẹn ṣe rí?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ìlà pupa kan ni, ní ìdí. Ó ń rìn! Kí n tó se ọbẹ̀ tán, ó ti kúrò níbi tí mo fi báírò sàmì sí. Lọ́jọ́ kejì, a ò rí i mọ́.

Àǹtí Láàbù: Háà! Ìlà tó ń yára rìn báyẹn, aràn sítírọ́ńjílọ́ídíìsì ni mo fura sí. Láti inú ilẹ̀ ló ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ọmọ rẹ̀ sì tún ń dá ara wọ̀ láti inú ìfun, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé ara èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó ṣe ń wọ́ gba inú ẹran ara ni mùdùnmúdùn eegun ń pèsè ìósínófìlì sí i. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọmọ aràn náà, wọ́n á da oró wọn lé e lórí. Oró yẹn kan náà ló ń ba ọ̀nà èémí jẹ́ nínú ikọ́ fée. Aràn tó bá jókòó sínú ìfun lásán kì í sábà gbé e sókè, ibà kì í gbé e sókè.

Sítẹ́rọ́ìdì ló ń bà mí lẹ́rù. Á mú iye yẹn wálẹ̀, ẹ ó rò pé ara ti yá, aràn á sì máa pọ̀ sí i títí yóò fi tàn ká gbogbo ara. Ó ń pani. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún aràn yìí ṣáájú. Ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń tàsé rẹ̀. Àmọ́ bí èémí bá ń há gidi, ẹ má dá ìtọ́jú dúró, ẹ ṣáà sọ ìfura yìí fún dókítà.

Ìyá Bọ̀dé, Tòróńtò: Tèmi, básófìlì ni wọ́n ní ó ga, `0.2`. Ṣé kí n lo oògùn aràn?

Àǹtí Láàbù: Rárá, mà. Básófìlì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn tó máa ń kéré níye lára gbogbo èèyàn, hísítámínì ló rù. Bí ohun tí ara kọ̀ bá ti kàn án, ó ń tú u jáde lójú ẹsẹ̀, ara á yún, ètè á wú. Iye básófìlì kò ní láti ga kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá wálẹ̀, kí dókítà ẹ̀jẹ̀ rí yín, torí ó lè jẹ́ àìsàn mùdùnmúdùn.

Bàbá Ìbejì: Ó dáa, ífámẹ́kìtìnì wà nílé mi, mo lè fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Àǹtí Láàbù: Òun gan-an ni oògùn rẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì lò ó. Ṣé Màmá ti gbé Kàmẹ́rúùnù rí?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Wọ́n ṣòwò ní Dúálá kí wọ́n tó bí mi.

Àǹtí Láàbù: Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sàn-án, kí wọ́n wá aràn ojú tó wà ní Kàmẹ́rúùnù nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ífámẹ́kìtìnì lè ba ọpọlọ jẹ́.