“Ìyàtọ̀” wo ni à ń wí nínú àwòrán ojú fídíò?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ ìlànà fún àwọn tó ń ya àwòrán ojú fídíò, ìyẹn àwòrán tí ènìyàn ń rí kí ó tó tẹ fídíò láti wò ó. Àwọn ayàwòrán ní “ìyàtọ̀” gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè hàn ketekete bó ti wù kó kéré tó. Ṣé “ìyàtọ̀ àwọ̀” ni kí n kọ?

Olùkọ́ èdè: “Ìyàtọ̀ àwọ̀” tọ̀nà lójú tèmi. Bí a bá kọ lẹ́tà pupa sórí àwọ̀ ewé, ta ni kò ní rí i? Ohun tí ó ká mi lára ni pé àwọn ayàwòrán ń yọ àmì ohùn dànù. Bí wọ́n bá kọ “ọkọ” láìsí àmì, báwo ni òǹwòran yóò ṣe mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ni tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko?

Ayàwòrán: Ẹ ṣeun, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ pupa lórí ewé yẹn gan-an ni ó mú kí n má fara mọ́ “ìyàtọ̀ àwọ̀”. Nígbà tí nǹkan bá ti kéré gan-an, bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tí ibi kejì sì ṣókùnkùn ni ojú fi ń mọ ibi tí lẹ́tà parí sí, kì í ṣe orúkọ àwọ̀ tí a fi kọ ọ́. Pupa àti ewé lè mọ́lẹ̀ bákan náà, kí lẹ́tà sì wọ inú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àwọ̀ ìyeyè jìnnà sí funfun, síbẹ̀ ẹni tó bá fi ìyeyè kọ̀wé sórí funfun ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ẹ yọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára àwòrán náà, kí ó di dúdú, funfun àti eérú: bí lẹ́tà kò bá hàn mọ́, ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀. “Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀” ni èmi yóò kọ.

Oníṣòwò kan: Tèmi náà kì í hàn lẹ́yìn tí mo bá gbé e sórí YouTube, ó máa ń rí bí ẹni pé èéfín bò ó. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù ni mo máa ń lò. Ṣé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí ni kò tó?

Ayàwòrán: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ míìràn ni tiyín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwòrán náà ti kéré kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, nítorí fóònù máa ń fún àwòrán tí a fi ránṣẹ́ pọ̀. Ẹ fi èyí tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1280, tó ga ní 720, síbẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé àwòrán ńlá yẹn kan náà lè fẹ̀ ní nǹkan bí 168 péré nígbà tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò míìràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi fídíò nípa lílẹ táyà kẹ̀kẹ́ ṣàpẹẹrẹ. Ẹnìkan ya odindi kẹ̀kẹ́, ó wá kọ “Bí a ṣe ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tó jò” pẹ̀lú lẹ́tà tó ga ní píksẹ́lì 60. Bí a bá sọ 1280 di 168, lẹ́tà 60 yóò di nǹkan bí 8. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú àgbá yóò pò mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn wọn, wọn yóò di eérú. Bí ó bá jẹ́ ihò ara táyà àti ìka tó ń tọ́ka sí i nìkan ló kún àwòrán náà, tí a kọ “TÁYÀ JÒ” ní gíga 180, yóò kù tó 24, ó sì ṣeé kà. Kí ẹ má kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, torí iye ìṣẹ́jú fídíò ni yóò bo ibẹ̀.

Olùkọ́ èdè: Mo gba “ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀”. Àmì ohùn ńkọ́?

Ayàwòrán: Àmì tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 8 nínú àwòrán ńlá yóò ku nǹkan bí 1, kò sì sí ojú tí yóò rí i. Àmì tó fẹ̀ ní 24 yóò ku 3. Nítorí náà, mo máa ń mú kí àmì nípọn ju bí lẹ́tà ṣe gbé e wá lọ, mo sì ń fi àyè sílẹ̀ lókè lẹ́tà ńlá kí àmì òkè má baà kan ìlà tó ṣáájú. Bí àyè kò bá gbà mí, mo máa ń yọ ọ́.

Olùkọ́ èdè: Ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò dípò àmì.

Ayàwòrán: Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù níbẹ̀, Ọ̀gá.

Olùbéèrè: “Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀” ni mo kọ. Mo fi àyè ti àmì sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan síbẹ̀ ná.