Àtẹ́lẹsẹ̀ Tí Ń Yún Ní Òru, Tí Ohunkóhun Kò Sú Sí Ara

Ìyá Àdùnní: Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Mo fẹ́ sọ bí oyún mi kejì ṣe rí, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ nípa ara yíyún láti inú oyún àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà nínú ti èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, ilà yọ sí mi ní ikùn àti ní itan nígbà tí awọ ń fẹ̀, ojú ilà náà nìkan ni ó sì ń yún mi. Bí mo bá ti fi òróró pa á, yóò rọlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní ọ̀sẹ̀ 31 oyún kejì, òróró ni mo kọ́kọ́ wá.

Kò rọlẹ̀. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ ní alẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, yóò bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì ran gbogbo ara, títí tí n ó fi dìde ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru láti lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Ohunkóhun kò sú sí mi lára. Ojú èékánná tí mo fi ń họ ara nìkan ni ó hàn. Ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ nígbà náà, wọ́n ní awọ ni ó ń fẹ̀. Mo béèrè bóyá awọ àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń fẹ̀, ẹni tí mo bi kò sì dá mi lóhùn. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, èsì rẹ̀ dára, ọkàn mi sì balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ti ń họ ara títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kan aṣọ ibùsùn. Mo lọ sí ibòmíràn, dókítà ibẹ̀ sì fi àyẹ̀wò èròjà òróòro inú ẹ̀jẹ̀ kún ti ẹ̀dọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ 46. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó di 58. Wọ́n fi oògùn mú ìrọbí wá ní ọ̀sẹ̀ 38, ọmọ náà sì ké bí ó ti jáde. Báwo ni ti ẹ̀yin ṣe rí?

Bọ́lánlé: Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Àdùnní. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún àkọ́bí ni, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 35, nígbà tí kókó pupa kéékèèké sú sínú ilà ikùn mi gan-an, tí ó sì ràn dé itan, ṣùgbọ́n tí kò kan àyíká ìdodo. Ó yún mi bí ẹni pé eèrà ń jẹ mí. Dókítà wò ó, ó ní kò ní ṣe èmi tàbí ọmọ ní nǹkan kan, ó sì fún mi ní ìpara. Lẹ́yìn ìbímọ, ó lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé bí ojú aláboyún kò bá ti pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò sì dúdú, yíyún náà kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀.

Agbẹ̀bí Àgbà: Bọ́lánlé, apá kìíní ọ̀rọ̀ yín tọ́. Èyí tí ó sú, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilà ikùn tí ó sì yẹ ìdodo sílẹ̀, awọ ni ti rẹ̀. Apá kejì ni ó ń kọ mí lóminú, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí mo tọ́jú fún àìsàn ẹ̀dọ̀ inú oyún tí ó mú Ìyá Àdùnní yìí ni ojú wọn kò pọ́n títí wọ́n fi bímọ. Bí a bá dúró de ojú pípọ́n, a ó pẹ́ jù.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe òróòro, tí ó yẹ kí ó ṣàn lọ sínú ìfun. Nínú àwọn obìnrin kan, họ́mónù oyún máa ń mú kí ìṣàn náà falẹ̀, èròjà rẹ̀ á sì ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi lè máa yún láìsí ohun tí ó sú. Yíyún náà sì lè ṣáájú èsì àyẹ̀wò ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá Àdùnní: èsì àkọ́kọ́ kò purọ́, ó kàn tètè dé ni.

Bí èròjà òróòro náà bá ti tó 19, tí yíyún náà sì wà, a ti lè sọ pé àìsàn náà ni. Láti 40 sí 99, a sábà máa ń dá ọjọ́ ìbí sí ọ̀sẹ̀ 38 tàbí 39. Bí ó bá tó 100, níbẹ̀ ni ewu kí ọmọ kú sínú ti ga sí i gidigidi, nítorí náà a kì í fẹ́ kí oyún náà kọjá ọ̀sẹ̀ 36. Mo tọ́jú aboyún ìbejì kan tí tirẹ̀ jẹ́ 34 ní ọjọ́ kan, tí ó sì di 112 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ dára ní gbogbo ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lọ ní wákàtí yẹn nìkan ni ẹ̀rọ náà ń sọ. Kò lè sọ ti ọ̀la. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ ni a fi pinnu, àwọn ọmọ méjèèjì sì wà láàyè.

Ìyá Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀wọ́, ojú tèmi dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ilà dúdú kan sì gba àárín ikùn mi kọjá. Ṣé ẹ̀dọ̀ mi náà ni? Kò yún mi o.

Agbẹ̀bí Àgbà: Rárá, ìyá. Họ́mónù oyún ni ó ń mú awọ dúdú sí i. Ilà ikùn yóò ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Ti ojú lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, oòrùn sì ń mú un le, nítorí náà ẹ máa bo ojú. Ẹ má fi ìpara ìbóra sí i.

Morẹ́nikẹ́: Mo wà ní ọ̀sẹ̀ 33. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, èsì èròjà òróòro sì jẹ́ 14. Wọ́n ní kí n máa lọ ilé, kí n má ṣe padà wá bí kò ṣe pé ìrọbí dé.

Ìyá Fárúùkù: Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oògùn òróòro. Wọ́n fún mi nínú oyún kejì, mo sì sùn lóru ọjọ́ kẹta. Mo gbà pé òun ni ó gba ọmọ mi là. Àìsàn náà padà wá nínú oyún kẹta, bí wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sì lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́yìn rẹ̀, ara tún yún mi títí tí mo fi jáwọ́.

Agbẹ̀bí Àgbà: Mo gbà pé ẹ sùn, Ìyá Fárúùkù. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, oògùn náà kò dín ewu ọmọ kù ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ, ìrọ̀rùn tí ó mú bá yíyún náà sì kéré. Àwọn dókítà kan ṣì ń kọ ọ́, àwọn mìíràn ti dẹ́kun, èmi náà kò sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á bí òru bá le. Kí oògùn náà má kàn rọ́pò àyẹ̀wò.

Morẹ́nikẹ́, 14 kò burú lónìí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí yíyún náà kò tíì dúró, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ọmọ bá dẹwọ́ nínú títa, ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru.

Morẹ́nikẹ́: Mo ti kọ orúkọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀. N ó lọ ní ọjọ́ Ajé, n ó sì sọ nọ́ńbà tí mo bá rí fún yín níbí.