«Wa», «ga» àti ọ̀rọ̀ olùwà

Ṣẹ́gun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀sákà, ní Japan, mo fi èdè wọn sọ pé èmi ni Ṣẹ́gun, mo ní «Wataṣi ga Ṣẹ́gun desu». Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n ní «wa» ló yẹ kí n lò. Ṣé «atọ́ka-olùwà» ni ká máa pe «wa» yìí ní Yorùbá?

Alàgbà: Rárá o. Ẹ má fi olùwà ṣeré. «Usagi wa mimi ga nagai»: ehoro, etí rẹ̀ gùn. Kí ló gùn? Etí ni, òun sì ni «ga» ń tẹ̀ lé. Ehoro kò gùn níbẹ̀ rárá, a kàn dárúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ká tó máa sọ tirẹ̀ ni. Ìwọ Ṣẹ́gun, gbólóhùn tìrẹ dà bíi pé ẹnì kan ti béèrè pé «Ta ni Ṣẹ́gun nínú yín?» Ta ló béèrè?

Kúnlé: Ẹ ṣé sà. «Ga» kúkú ni «ni» tiwa nìyẹn! «Dare ga kimaṣita ka», ta ló wá? «Tanaka-san ga kimaṣita», Tanaka ló wá. Ohun tuntun ni «ga» ń gbé wá. Bí ìtàn Mómótárò, àlọ́ àwọn ará Japan, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: «Ojiisan to obaasan ga imaṣita», bàbá àgbà kan àti ìyá àgbà kan wà. Nígbà tí a ti mọ̀ wọ́n tán, ó di «Ojiisan wa yama e», bàbá náà gba orí òkè lọ ṣẹ́gi. Mo dábàá «orí-ọ̀rọ̀» fún «wa».

Ìyá Dáre: Orí-ọ̀rọ̀ kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sókè ìwé ìròyìn ńkọ́? Tíṣà ni bàbá mi, kò ní gbà á wọlé. Ohùn wo tilẹ̀ ni ẹ fi sórí «wa» yìí? Bóyá «wà» inú «olùwà» ló ṣi ọmọ yìí lọ́nà.

Alàgbà: Kò kan ohùn, Ìyá Dáre. Àwọn ará Japan fúnra wọn, lẹ́tà «ha» ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kúnlé, ìdajì lo rí. Fi «ni» sínú ìtàn rẹ: «Bàbá àgbà kan ni ó wà». Ta lò ń bá jiyàn? Tún wo «Tanaka-san ga katta hon», ìwé tí Tanaka rà. «Ìwé tí Tanaka ni ó rà» kò ṣeé gbọ́ létí. Tanaka kì í ṣe ẹni tuntun níbẹ̀, síbẹ̀ «ga» ló wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí «wa» kì í wọ inú irú awẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kúnlé: Ti Tanaka tó wá ńkọ́, sà? «Ni» bá ìyẹn mu.

Ìyá Dáre: Ẹ ò tíì sọ orúkọ tí «wa» máa jẹ́ o. «Orí-ọ̀rọ̀» kọ́!

Ṣẹ́gun: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wá sọ fún wọn?

Alàgbà: «Ṣẹ́gun desu». Ojú rẹ ni wọ́n ń wò, wọ́n ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Fi «wataṣi» àti «wa» sílẹ̀.