"Ilé kẹta sí mọ́ṣáláṣí": ilé mélòó ni?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé wa ní Àkóbọ̀ kò ní nọ́ńbà. Nígbà tí mo ń kọ àdírẹ́sì fún ọmọ dípáṣì, "ilé aláìlójúlé" ni mo kọ, mo wá fi kún un pé "ilé kẹta sí mọ́ṣáláṣí, lọ́wọ́ òsì", bí màmá mi ṣe máa ń júwe ẹ̀. Ilé tó tẹ̀lé tiwa ló gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá lọ. Kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ wọn ti jẹ méjì. Ṣé "aláìlójúlé" tọ̀nà? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní ṣìnà mọ́?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: "Aláìlójúlé" ò dùn létí rárá. Kò sí ilé tí kò ní ojúlé. Òǹkà ni ilé yín ò ní, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní "ilé aláìlóǹkà". Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

Bàbá Tíṣà: Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ débi tí a ò lè kà á la ń pè ní aláìlóǹkà. Bí Ìyá Ìbejì bá kọ "ilé aláìlóǹkà", ọmọ dípáṣì á rò pé àwọn ni wọ́n ni gbogbo Àkóbọ̀.

Ojúlé ni ibi tí a ń gbà wọlé onílé. Òun la ní lọ́kàn tí a bá ní a wá ẹnì kan lójúlé dójúlé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ nílé ìwé, "Ojúlé Kejìlá" la máa ń kọ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Kejìlá yẹn ni nọ́ńbà, ojúlé kọ́. Torí wọ́n jọ ń rìn pọ̀ nínú lẹ́tà ni àwọn èèyàn ṣe ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ilé tí wọ́n mọ odi yí ká láìdá ilẹ̀kùn sí i nìkan ló lè jẹ́ aláìlójúlé. Ẹ kọ "ilé tí kò ní nọ́ńbà". Nọ́ńbà ti di ọmọ ilé, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló gbé mọ́ínmọ́ín yín lọ. Ẹ to àwọn ilé náà fún mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, Bàbá. Mọ́ṣáláṣí ló kọ́kọ́ wà, ilé tí fọganáísà wà níwájú ẹ̀ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni tiwa, géètì dúdú. Ilé tó tẹ̀lé tiwa náà, géètì dúdú ni.

Bàbá Tíṣà: Ó ti yé mi. Màmá yín ka mọ́ṣáláṣí mọ́ ọn. Mọ́ṣáláṣí ni ìkíní, ti fọganáísà ni ìkejì, tiyín ni ìkẹta. Ọmọ dípáṣì ní tirẹ̀ fo mọ́ṣáláṣí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ fọganáísà, ìkẹta tirẹ̀ sì bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò yín.

Bí àwọn baba wa ṣe ń kà ni màmá ṣe kà. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ wo ni ìjẹta? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ ka Ìṣẹ́gun, ẹ ka Ọjọ́rú, ẹ ka Ọjọ́bọ̀ tí a wà yìí, ó pé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdúnta: ọdún tí a wà nínú ẹ̀ wà lára mẹ́ta yẹn. Ọjà ọrọọrún pẹ̀lú: bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọn yóò tún ná an, ṣùgbọ́n ọrún la ń pè é, torí pé a ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Mo gbà fún yín lórí ọjọ́, Bàbá. Àmọ́ ṣé ilé náà ni? Bí mo bá ní "ẹ fún mi ní ilé kẹta sí mọ́ṣáláṣí", ilé ni mo ní, mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ilé tí èèyàn ń gbé. Ọmọ dípáṣì ò jẹ̀bi.

Bàbá Tíṣà: N ò ní ó jẹ̀bi. Mo ní ìkà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan.

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìjíròrò o. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, orúkọ wà fún àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké bẹ́ẹ̀: fọ̀n la ń pè wọ́n, láti inú Faransé. A máa ń ní "wọ fọ̀n kejì". Ẹ lè yá a lò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ dípáṣì rí ojú ọ̀nà wa, ilé gangan ni kò rí.

Ọlọ́kadà Mọ̀níyà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tó ń gun ún sọ tèmi. Kò sẹ́ni tó ń ka ilé nínú wa. Géètì la ń kà. Bí fẹ́ǹsì kan bá ní géètì méjì, mo ti ka ilé méjì. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ òfìfo tàbí ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán láàrin, mo ti fò ó kọjá láìmọ̀.

"Lọ́wọ́ òsì" náà, òsì ta ni? Tí mo bá gba ìdí àdúgbò wọlé dípò ojú títì, òsì yín ti di ọ̀tún mi. Ẹ sì má fi alákàrà júwe ilé. Ẹnì kan ṣe é fún mi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, àkàrà ti tán láàárọ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ṣé kí wọ́n kàn fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ kọ́ ni?

Ọlọ́kadà Mọ̀níyà: Ó dáa, á mú mi dé àdúgbò. Lọ́jọ́ kan ó gbé mi dúró sí ẹ̀yìnkùlé oníbàárà. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lódìkejì ògiri, mo ní láti yí gbogbo òpópónà po kí n tó rí géètì.

Bàbá Tíṣà: Nítorí náà ẹ jù "kẹta" nù. Ẹ sọ iye ilé tó wà *láàrin*. Àárín kò ní ìkà méjì. "Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Ó lè gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ṣáláṣí lọ.

Ìyá Ìbejì: Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi wò ó:

"Ya kúrò lójú títì níbi túránsífọ́mà. Bí o ṣe ń bọ̀ láti ojú títì, mọ́ṣáláṣí á wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Ọwọ́ òsì yẹn náà la wà. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàrin mọ́ṣáláṣí àti tiwa, fọganáísà wà níwájú ẹ̀. Géètì dúdú àkọ́kọ́ ni tiwa. Bí o bá rí géètì dúdú kejì, o ti kọjá wa."

Ọlọ́kadà Mọ̀níyà: Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù, Mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ohun tí a máa rí tí a bá ti ṣìnà. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́, tí fọganáísà ò bá ṣíṣẹ́?

Ìyá Ìbejì: Táyà ńlá kan wà tó kùn ní funfun, ó ri ìdajì ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í kúrò níbẹ̀. Màá kọ "táyà funfun" dípò fọganáísà.

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní ó gùn jù, pé ilé kẹta náà ni.